Ṣé Ẹ Máa Yá Owó? Àjẹsẹ́kù àti Mútúà Fọ́ǹdù fún Olùkọ́ Olówó Oṣù

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ owó ni pé èwo ló sàn: kí wọ́n máa dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tí wọ́n ń yọ lórí owó oṣù, àbí kí wọ́n kó o lọ sí mútúà fọ́ǹdù tí àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń fi fóònù rà. Wọ́n máa ń retí kí n dárúkọ ọ̀kan. Méjèèjì lèmi náà ń ṣe, ó sì ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn láì kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ṣé ẹ máa yá owó?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé èrè àjẹsẹ́kù pín sí méjì. Bí ẹ bá ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ èrè tí wọ́n pín lọ́dún tó kọjá, ó lè ní ìdá 6 nínú 100. Ẹ ó wo mútúà fọ́ǹdù, ẹ ó rí 12, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn àgbà olùkọ́ ò ní jẹ́ kó bùṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀yáwó ńkọ́?" ni wọ́n máa sọ. Ìlọ́po méjì owó tí ẹ ti dá, èlé tí kò gani lára, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí ẹ mú ìwé ilé wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mi ò tíì rí kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣírò iye tí ẹ̀yáwó ọ̀hún ń náni gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí èrè kálukú ti ń wá. Nínú àjẹsẹ́kù, owó tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dá jọ ni wọ́n ń yá àwọn kan lára wọn. Àwọn tó yá a ń san èlé. Ní ìparí ọdún, wọ́n á kó èlé yẹn jọ, wọ́n á yọ owó ìṣàkóso, wọ́n á fi apá kan sí àpò ìpamọ́ ẹgbẹ́, wọ́n á sì pín èyí tó kù. Ẹni tó ní owó nílẹ̀ máa gba èrè lórí owó rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó yá owó náà máa rí díẹ̀ gbà padà lórí èlé tó san. Àṣà pé kí a dá èrè padà fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n bó ṣe bá ẹgbẹ́ dòwò, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbilẹ̀, àwọn tó dá ṣọ́ọ̀bù àjọni sílẹ̀ ní 1844. Àwọn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ òfin ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, múlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó dá owó ńlá sílẹ̀ kò lè fi owó ta ẹni tó dá kékeré yọ nígbà ìpàdé. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Mútúà fọ́ǹdù yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni dá ẹgbẹ́ tó ń yáni lówó. Yúníìtì lẹ ń rà. Ilé iṣẹ́ kan ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, ó ń fi ra ìwé gbèsè ìjọba, ìwé gbèsè ilé iṣẹ́, tàbí ṣíà, àwọn olùtọ́jú ọ̀tọ̀ ló sì ń di ohun tí wọ́n rà mú, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó ń darí owó náà ló tún ń pa á mọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á díye lé gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà, wọ́n á yọ owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á fi iye yúníìtì pín in, ìyẹn á sì di iye yúníìtì kan lọ́jọ́ náà. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ 100 nígbà tí ẹ kọ́kọ́ san 10,000, yúníìtì 100 lẹ ní. Bó bá ti di 101 lóṣù kejì, 10,000 yẹn kò lè ra ju 99 lọ, ṣùgbọ́n yúníìtì yín àkọ́kọ́ ti lé. Èrè yín kò ju ìyẹn lọ: yúníìtì tí ẹ ní, ní iye tó jẹ́ lónìí. Àwọn fọ́ǹdù kan máa ń san èrè lówó nígbà dé ìgbà, tàbí kí wọ́n fi ra yúníìtì sí i fún yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó ń dá 10,000 lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360,000. Ká sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pín èrè 6 nínú 100 lọ́dún lórí owó tó wà nílẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún àkọ́kọ́ owó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga bọ̀ láti 10,000 dé 120,000, nítorí náà nǹkan bíi 3,900 ló máa rí. Lọ́dún kejì á rí 11,100, lọ́dún kẹta 18,300. Èrè ọdún mẹ́ta jẹ́ 33,300, owó rẹ̀ sì jẹ́ 393,300. Bó bá ti kó 10,000 kan náà sí fọ́ǹdù tó ń mú ìdá 1 nínú 100 wá lóṣù, ìyẹn bíi 12 lọ́dún, owó rẹ̀ máa sún mọ́ 430,800. Ìyàtọ̀ wọn lé ní 37,000, ju owó oṣù mẹ́ta tó ń dá lọ. Bí fọ́ǹdù náà bá jẹ́ irú èyí tí kò mú ju 6 wá lọ́dún, méjèèjì á bára dọ́gba, àfi ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan.

Fún ẹni tí kò ní yá owó láé, ibẹ̀ ni ìṣirò parí sí. Kò sí ohun mìíràn tí àjẹsẹ́kù ń fún un ju èrè ìparí ọdún lọ, àfi ìkónimọ́ra ẹgbẹ́ àti owó tí kò lè fọwọ́ kàn nígbà tí ìnáwó bá ń wù ú. Òun gan-an ni àwọn yòókù ń yá lówó. Tí ẹ bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ti ń dá owó bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà yín síṣẹ́, ẹ lọ wo iye tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, kí ẹ fi owó tí ẹ ní nílẹ̀ pín in. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn olùkọ́ ìṣirò pàápàá kì í ṣe é.

Ẹni tó yá owó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àlàyé. Ká pa dà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti dá 240,000. Ó nílò 480,000 fún nǹkan kan tí kò ṣeé sún síwájú. Ẹgbẹ́ yá a ní ìlọ́po méjì owó rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n ní èlé 10 nínú 100, kó fi oṣù méjìlá san án. Èlé 48,000, àpapọ̀ 528,000, ó ń san 44,000 lóṣù. Ó sì gbọ́dọ̀ máa dá 10,000 rẹ̀ lọ pẹ̀lú, nítorí àjẹsẹ́kù kì í jẹ́ kí o dá ìdáwó dúró nígbà tí o bá jẹ wọ́n. 54,000 ló ń jáde lóṣù.

Èlé 10 yẹn ni kí ẹ fojú sí. Orí 480,000 ni wọ́n gbé e lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ gbèsè náà ń dín kù lóṣooṣù. Lóṣù àkọ́kọ́, 480,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù ìkẹyìn, 40,000 ló kù. Bí ẹ bá wo ọdún náà látòkè délẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdọ́gba kò ju 260,000 lọ. Ẹ fi 260,000 pín 48,000, èlé tó ń san gan-an lé ní 18 nínú 100. Ẹgbẹ́ ò purọ́ fún un o. Bí wọ́n ṣe ń ka èlé nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n 10 tí wọ́n dárúkọ àti 12 tí fọ́ǹdù dárúkọ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, a ò sì lè gbé wọn sórí òṣùwọ̀n kan láì tún un ṣe.

Nǹkan kejì tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Olùkọ́ wa ní 240,000 nínú ẹgbẹ́ yẹn kó tó yá owó, wọn ò sì ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn án títí yóò fi san gbèsè tán. Ìdajì owó tí wọ́n kà fún un, owó tirẹ̀ náà ni. Owó àjèjì tó wọ ọwọ́ rẹ̀ kò ju 240,000 lọ, ṣùgbọ́n 480,000 ló ń san èlé lé lórí. Ẹ ká oṣù lọ. Nígbà tó bá san ẹ̀ẹ̀karùn-ún, gbèsè rẹ̀ ku 280,000. Owó tó ti dá sínú ẹgbẹ́ ti di 290,000. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀, á máa san 4,000 lóṣù gẹ́gẹ́ bí èlé fún oṣù méje mìíràn. Nígbà tí mo fi èyí han ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nípàdé." A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èrè tí wọ́n ń pín ní ìparí ọdún, ibẹ̀ ló ti ń wá, kò sì sí ohun ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀.

Ká wá wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí owó rẹ̀ bá wà nínú fọ́ǹdù tó ń mú 12 wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, á ní bíi 269,700. Á kó gbogbo rẹ̀ jáde, á sì ku bíi 210,000 kí ó tó pé 480,000. Á lọ yá 210,000 yẹn níbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká le mọ́ ọn díẹ̀: ká ní ayánilówó náà gba èlé 20 nínú 100 tí wọ́n kà lọ́nà kan náà, ìlọ́po méjì ti ẹgbẹ́. Èlé rẹ̀ á jẹ́ 42,000. Ó kéré sí 48,000 tó ń san fún ẹgbẹ́! Á máa san 21,000 lóṣù. Bó bá jẹ́ pé 54,000 ló ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àjẹsẹ́kù, 33,000 á ṣẹ́kù, á sì dá a padà sí fọ́ǹdù lóṣooṣù. Ní ìparí ọdún kẹta, gbèsè ti tán, ó sì ní bíi 418,500.

Nínú àjẹsẹ́kù ńkọ́? Owó tó dá jẹ́ 360,000. Èrè ọdún mẹ́ta jẹ́ 33,300. Ká ní ẹgbẹ́ dá ìdá mẹ́wàá èlé tó san padà fún un, 4,800, ó di 398,100. Fọ́ǹdù fi nǹkan bíi 20,000 jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ayánilówó tó gba èlé ìlọ́po méjì ló ti yá tirẹ̀. Mo gbìyànjú láti mọ ibi tí wọ́n ti máa pàdé. Ó di ìgbà tí ayánilówó ìta bá gba èlé 30 nínú 100, ìlọ́po mẹ́ta ti ẹgbẹ́, kí owó méjèèjì tó bára dọ́gba ní bíi 396,000 sí 398,000. Ohun tó fà á kò ju ohun tí mo ti sọ lọ: ẹni tó ní owó lọ́wọ́, ìdajì gbèsè ló nílò.

Ṣùgbọ́n ẹ yí nǹkan méjì padà nínú ìṣirò yìí, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀. Èkíní, bí fọ́ǹdù bá jẹ́ èyí tó ń mú 6 wá, bí èlé ìta bá sì jẹ́ 20, owó olùkọ́ wa á wá sí bíi 387,700, àjẹsẹ́kù á sì borí. Èkejì, bí ẹgbẹ́ bá ń ka èlé lórí gbèsè tó kù lóṣù kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe lórí gbogbo owó tó yá látìbẹ̀rẹ̀, èlé 10 yẹn á di 26,000 dípò 48,000. 22,000 ti kù sí ọwọ́ olùkọ́ nìyẹn. Bó bá pa á mọ́, àjẹsẹ́kù á gòkè dé bíi 417,900, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti fọ́ǹdù dọ́gba. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kí n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni pé: ṣé èlé yín ń dín kù bí gbèsè ṣe ń dín kù? Ìdáhùn yẹn lágbára ju iye èrè tí wọ́n pín lọ́dún tó kọjá lọ. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ṣé mo lè fi owó tí mo dá san gbèsè kí àsìkò tó pé, ṣé èlé oṣù tó kù á sì kúrò bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí èlé kì í ti í dín kù, kò sí èrè kankan nínú kí ẹ tètè san, bí ẹ bá tiẹ̀ lówó.

Mo mọ ohun tí àgbà olùkọ́ kan máa sọ bó bá ka ibí yìí. Á ní, "Àbúrò, ta ló máa yá yín ní 210,000 lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀?" Òótọ́ ló sì sọ. Orí ìwé ni ayánilówó 20 nínú 100 yẹn wà. Báńkì lè ní kí ẹ ti gba owó oṣù lọ́dọ̀ wọn fún àkókò kan, wọ́n lè yọ owó fọ́ọ̀mù àti owó ìdánilójú kí wọ́n tó kà á fún yín, wọ́n sì lè kọ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ mọ̀ yín. Àyè ẹ̀yáwó tó dájú ní iye tirẹ̀, kódà bí ẹ ò bá lò ó, ìṣirò mi kò sì kà á. Ẹ tún wo 33,000 tí mo ní kí olùkọ́ máa dá sí fọ́ǹdù lóṣooṣù lẹ́yìn tó bá ti san ti gbèsè oṣù náà. Nínú àjẹsẹ́kù, 54,000 ti kúrò kí owó oṣù tó dé ọwọ́. Nínú fọ́ǹdù, 21,000 nìkan ni ẹnikẹ́ni ń fi agbára gbà. Ìyókù dúró lórí ìpinnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 10,000 péré ló ń dá nínú 33,000 yẹn, tó ná ìyókù, ní ìparí ọdún kẹta kò ní ju bíi 126,800 lọ, nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú àjẹsẹ́kù ní 398,100. Kì í ṣe pé fọ́ǹdù burú. Owó náà ti wọ ọjà ni. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí fọ́ǹdù, kó ní kí báńkì rẹ̀ máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì owó oṣù. Ó sún mọ́ yíyọ láti orísun, àmọ́ kò tó o, nítorí ìka kan lè fagi lé e.

Ibi tí àjẹsẹ́kù ti lè já èèyàn kulẹ̀ kò hàn nínú ìṣirò rárá. Àkọ́kọ́ ni owó tí wọ́n yọ tí kò dé ibi tó yẹ. Ilé iṣẹ́ ló ń yọ ọ́, òun ló yẹ kó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Bí owó bá wọ́n lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, owó yìí ló rọrùn jù láti dá dúró, nítorí ìwé owó oṣù olùkọ́ á ṣì máa sọ pé wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí ẹ gbé ìwé owó oṣù síbi kan, kí ẹ gbé páásìbúùkù ẹgbẹ́ síbi kejì, kí ẹ wò ó lóṣù-lóṣù, kì í ṣe lọ́dọọdún. Tí ìwé owó oṣù bá fi oṣù méjì ṣíwájú páásìbúùkù, ẹ béèrè. Àmì mìíràn tí kì í tanni jẹ ni ìlà àwọn tó ń dúró de ẹ̀yáwó. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀yáwó rẹ̀ ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá di oṣù mẹ́rin, owó kan ò wọlé síbẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti àwọn tó jẹ gbèsè.

Èkejì ni oníduúró. Nígbà tí ẹlẹ́gbẹ́ yín bá gbé fọ́ọ̀mù wá, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i," owó yín lẹ ń fi dúró. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sí owó oṣù tí wọ́n á ti yọ ọ́ mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ mú owó tó dá, wọ́n á sì pín ìyókù lé àwọn oníduúró lórí. Ẹ mú olùkọ́ wa: bó bá yá 480,000, tó sì kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan péré, gbèsè rẹ̀ ku 440,000, láì tíì ka èlé. Owó tó dá jẹ́ 250,000. 190,000 ló wà láàárín, oníduúró méjì á sì jẹ 95,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń dá 10,000 lóṣù, owó tó lé ní oṣù mẹ́sàn-án ti lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ń wo iye tó wà nínú páásìbúùkù ẹni tó ń yá owó, àti iye ọdún tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́, kí n tó mú bírò. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún tí a ti ṣírò lókè, ewu oníduúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oṣù àkọ́kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ̀kẹta, tí a kì í sábà sọ: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ọjọ́ tí owó oṣù bá dúró, ọjọ́ yẹn ni ìdáwó dúró, ọjọ́ yẹn ni sísan gbèsè dúró, ọjọ́ yẹn náà sì ni gbogbo wa fẹ́ yá owó. Owó ìfipamọ́ mi àti iṣẹ́ mi á dùbúlẹ̀ àìsàn pọ̀. Ní tèmi, ohun tó mú mi ra yúníìtì fọ́ǹdù ní àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe èrè 12.

Fọ́ǹdù náà ní tirẹ̀. Gbogbo ìṣirò òkè yìí gbà pé 12 á máa wọlé bí aago. Fọ́ǹdù tó ń ra ìwé gbèsè ìgbà kúkúrú máa ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ kì í fò sókè fò sílẹ̀ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èlé ìlú. Ti ṣíà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ṣíà bá já wálẹ̀ ní ìdá 30 nínú 100 ní oṣù tí olùkọ́ wa nílò owó rẹ̀, 269,700 á di bíi 188,800, á sì ní láti yá bíi 291,000 níta dípò 210,000. Àjẹsẹ́kù kì í ṣe báyìí sí ọmọ ẹgbẹ́. Iye tó dá ni iye tí wọ́n kọ. Àní fọ́ǹdù tí wọ́n pè ní aláìléwu pàápàá ti yẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, ní Amẹ́ríkà, Reserve Primary Fund tí yúníìtì rẹ̀ máa ń jẹ́ dọ́là kan gbáko bọ́ sí sẹ́ǹtì 97, nítorí pé ó ní ìwé gbèsè Lehman Brothers lọ́wọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn wó. Sẹ́ǹtì 3 kò pọ̀. Ohun tó dun àwọn èèyàn ni pé wọn ò rí gbogbo owó wọn gbà lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè rẹ̀. Nítorí náà, nínú ìwé ìròyìn oṣooṣù fọ́ǹdù, ohun tí mo máa ń wò ṣáájú èrè ni orúkọ àwọn tí wọ́n yá lówó, àti ìdá tó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Lórí owó iṣẹ́ wọn, mi ò ní sọ púpọ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kí wọ́n tó kéde iye yúníìtì, ẹ ò ní rí i kó jáde láti ọwọ́ yín, ìyẹn ló sì fi yẹ kí ẹ wá a. Fọ́ǹdù méjì tó ń ra ìwé gbèsè ìjọba kan náà, tí ọ̀kan ń gba 1 nínú 100 lọ́dún tí èkejì ń gba 2, kò sí ọgbọ́n tí ẹlẹ́ẹ̀kejì fẹ́ dá kó tó lè máa lé e bá lọ́dọọdún. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń gé nǹkan bí ẹ bá tètè jáde, àti iye ọjọ́ tí owó fi ń dé báńkì lẹ́yìn tí ẹ bá ta yúníìtì.

Báyìí ni mo ṣe pín tèmi. Mo wo ohun tó ṣeé ṣe kí n yá owó lé lórí láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀, mo sì fi ìlọ́po tí ẹgbẹ́ mi ń yáni pín in. Bó bá jẹ́ pé 300,000 ni mo máa nílò, tí wọ́n ń yáni ní ìlọ́po méjì, 150,000 ló yẹ kí n ní nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá ti débẹ̀, mo máa ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń yọ kù sí èyí tó kéré jù tí òfin ẹgbẹ́ gbà. Owó tó bá kúrò níbẹ̀ ń lọ sí fọ́ǹdù ìgbà kúkúrú títí yóò fi tó owó oṣù mẹ́ta tí mo lè fi jẹun bí owó oṣù bá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni mo máa ń fi díẹ̀ ra ti ṣíà, ìyẹn sì jẹ́ owó tí mi ò ní wò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá ku ọdún kan tàbí méjì kó fẹ̀yìn tì, ètò tirẹ̀ yàtọ̀. Kó má yá owó mọ́, kó má sì ṣe oníduúró fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọn kì í dá owó ọmọ ẹgbẹ́ padà níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn. Kó ka òfin ẹgbẹ́ kó mọ iye oṣù tí wọ́n fi ń san owó ẹni tó bá kúrò, kó sì kọ lẹ́tà ìkúrò ní iye oṣù yẹn ṣáájú, kí ó gba ìwé pé wọ́n ti rí lẹ́tà náà.